Bí A Ṣe Ń Fi Apótẹ̀mù àti Àyíká Ṣírò Ìwọ̀n Ilẹ̀ Yàrá Onígun Mẹ́jọ

Ilẹ̀ yàrá onígun mẹ́rin kì í fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà. A wọn òòró, a wọn ìbú, a sọ wọ́n di púpọ̀, ó parí. Tó bá di onígun mẹ́jọ, téépù á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹlòmíì á sì fojú díwọ̀n níkẹyìn. Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n méjì péré ni ilẹ̀ yìí ń béèrè lọ́wọ́ wa. Àkọ́kọ́ ni àyíká, ìyẹn gígùn ògiri mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí a rò pọ̀. Èkejì ni apótẹ̀mù, ìyẹn bó ṣe jìnnà tó láti àárín gbùngbùn ilẹ̀ dé àárín ògiri kan, tí téépù sì dúró ní 90° sí ògiri náà. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀, kí ẹ pín in sí méjì:

```
A = P × a ÷ 2
```

P ni àyíká, a ni apótẹ̀mù, A ni ìwọ̀n ojú ilẹ̀ tí à ń wá. Ìṣirò náà kò ju èyí lọ. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí nọ́ńbà méjèèjì jẹ́ òótọ́, kí a sì mọ̀ bóyá ilẹ̀ tó wà níwájú wa dọ́gba lóòótọ́ tàbí ó kàn jọ èyí tó dọ́gba. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ pẹ́ sí.

Ibi tí fọ́múlà náà ti wá

Ẹ jẹ́ ká ta okùn láti àárín gbùngbùn ilẹ̀ lọ sí igun kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ilẹ̀ náà á pín sí onígun mẹ́ta mẹ́jọ. Ògiri kọ̀ọ̀kan ni ìdí onígun mẹ́ta tirẹ̀, apótẹ̀mù sì ni gíga rẹ̀. Ìwọ̀n onígun mẹ́ta, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n: ìdí lọ́nà gíga, kí a mú ìdajì. Nígbà tí gíga àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá jẹ́ ọ̀kan náà, kò sí ìdí láti ṣírò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A lè ro àwọn ìdí wọn pọ̀ ná, ìròpọ̀ yẹn gan-an sì ni àyíká.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú rí ìdajì yẹn, ẹ ya onígun mẹ́jọ sórí páálí, kí ẹ gé e sí onígun mẹ́ta mẹ́jọ. Ẹ to mẹ́rin sórí ìlà kan kí orí wọn kọjú sókè bí eyín ayùn. Ẹ wá dojú mẹ́rin yòókù dé, kí ẹ fi wọ́n dí àwọn àlàfo tó wà láàárín eyín náà. Ohun tí ẹ máa rí ni páálí gbọọrọ kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ apótẹ̀mù, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ògiri mẹ́rin, ìyẹn ìdajì àyíká. Orí rẹ̀ méjèèjì á dagun díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè gé ìdajì onígun mẹ́ta kan kúrò lápá kan, kí ẹ fi lẹ apá kejì, ó di onígun mẹ́rin gidi.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí 8 kankan nínú fọ́múlà yìí. Ohun kan ṣoṣo tó gbára lé ni pé kí gbogbo ògiri jìnnà bákan náà sí àárín. A máa padà lo ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí a bá bá ilẹ̀ tí kò dọ́gba pàdé.

Wíwọn àyíká

Ẹ wọn ògiri mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹ má wọn ọ̀kan kí ẹ wá sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́jọ, nítorí bí ògiri tí ẹ mú bá fi sẹ̀ntímítà kan gùn ju àwọn yòókù lọ, sẹ̀ntímítà mẹ́jọ ni ẹ ti fi kún àyíká láìmọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wíwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín bí ilẹ̀ náà bá dọ́gba.

Ilẹ̀ ni kí téépù wà, kì í ṣe ìbàdí. Ògiri lè tẹ̀ díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ sì máa ń nípọn jù nínú igun. Nǹkan tí ẹ fẹ́ mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni ilẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ ni kí ẹ wọn.

Nínú igun ni téépù ti ń ṣeni ní jàǹbá. Igun inú onígun mẹ́jọ tó dọ́gba jẹ́ 135°, ó fẹ̀ ju igun yàrá tó mọ́ wa lára lọ, nítorí náà ojú kì í tètè rí ibi tí ògiri kan parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ibẹ̀ di ribiti. Ohun tí mo fara mọ́ ni kí ẹ gbé pátákó tó tọ́ lé ẹsẹ̀ ògiri kan, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà lẹ́bàá rẹ̀ kọjá igun, kí ẹ ṣe bákan náà fún ògiri kejì. Ibi tí ìlà méjèèjì ti gé ara wọn ni igun gidi. Ẹ ṣe é ní igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kí ẹ tó na téépù rárá, kí ẹ wá máa wọn láti àmì dé àmì. Bí irin ẹnu téépù bá ti ń mì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí sẹ̀ntímítà 10, kí ẹ yọ 10 kúrò nínú ohun tí ẹ kà.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan tí a ó máa tẹ̀ lé títí dé òpin. Ògiri mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rẹ̀, bí a ṣe yí ká, jẹ́ mítà 2.49, 2.51, 2.50, 2.50, 2.48, 2.51, 2.50 àti 2.51. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó kúrú jù àti èyí tó gùn jù jẹ́ sẹ̀ntímítà mẹ́ta. Fún ilé tí ọwọ́ ènìyàn kọ́, ìyẹn ò burú. A rò wọ́n pọ̀: àyíká jẹ́ mítà 20.00.

Wíwọn apótẹ̀mù

Ibí yìí ló ti yẹ ká fara balẹ̀ jù. Nínú yàrá wa yìí, bí a bá fi sẹ̀ntímítà kan ṣi àyíká wọ̀n, ìwọ̀n ilẹ̀ á yàtọ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 0.015 sukuwéà mítà, èyí tí kò tó nǹkan. Bí ó bá jẹ́ apótẹ̀mù ni a fi sẹ̀ntímítà kan ṣì, ìyàtọ̀ náà á di 0.10 sukuwéà mítà, ó ju ìlọ́po mẹ́fà ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo ògiri mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń lo apótẹ̀mù kan náà, àṣìṣe tó bá wà nínú rẹ̀ á sì yí ilẹ̀ náà ká.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a wọn láti àárín dé igun dípò àárín dé ògiri. Igun máa ń fa ojú mọ́ra torí ó ní àmì tí a lè fọwọ́ kàn, àárín ògiri kò sì ní. Ṣùgbọ́n igun jìnnà ju ògiri lọ. Nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ jẹ́ mítà 2.50, láti àárín dé igun jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.27, nígbà tí láti àárín dé ògiri jẹ́ 3.02. Ẹni tó bá fi ti igun ṣírò á fi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún kún ilẹ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà tó dára jù lójú tèmi kò tilẹ̀ fẹ́ kí a wá àárín. Nínú onígun mẹ́jọ tó dọ́gba, ògiri kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kejì tó kọjú sí i, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn lọ lọ́gbọọgba. Ẹ na téépù láti ògiri kan lọ sí èyí tó kọjú sí i, kí ẹ wá mú ìdajì ohun tí ẹ bá kà. Ìdajì yẹn ni apótẹ̀mù. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: bí ẹ bá ṣi ìbú yìí wọ̀n pẹ̀lú sẹ̀ntímítà kan, ìdajì sẹ̀ntímítà péré ló máa wọ inú apótẹ̀mù.

Kí téépù lè dúró ní 90°, ẹ di ẹnu rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ògiri kan lójú kan, kí ẹlòmíì mú orí kejì, kó máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún lẹ́bàá ògiri tó kọjú sí i, kí téépù sì máa le dáadáa. Nọ́ńbà tó ń kà á máa dín kù, á dín kù, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ padà. Èyí tó kéré jù ni ìbú tòótọ́. Nígbà tí téépù bá sún mọ́ ibẹ̀, nọ́ńbà náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà mọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ṣì ń lọ, nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ rí ojú ibẹ̀ gan-an. Kíka nọ́ńbà tó kéré jù ti tó.

Bí òpó bá dúró láàárín yàrá ńkọ́? Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn ògiri méjì tó bá ara wọn lọ lọ́gbọọgba jìnnà síra bákan náà níbi gbogbo, nítorí náà kò sí dandan pé kí téépù gba àárín. Bí ògiri bá fẹ̀ tó mítà 2.50, ẹ lè yà tó mítà kan kúrò ní àárín rẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ìwọ̀n kan náà ni ẹ máa kà. Mo ti rí àwọn tó ń wọn dé ara òpó lọ́tùn-ún àti lósì, tí wọ́n wá ń díwọ̀n bí òpó ṣe sanra tó láti fi kún un. Wàhálà lásán ni.

Tí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ mọ àárín, torí pé ibẹ̀ ni ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ táìlì, ẹ ta okùn láti igun kan sí èyí tó kọjú sí i, kí ẹ tún ta òmíràn láti igun mìíràn. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni àárín. Ẹ ta ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Bí ilẹ̀ bá dọ́gba, gbogbo wọn á gba ojú kan náà. Tí wọ́n bá ṣe onígun mẹ́ta kékeré láàárín dípò kí wọ́n pàdé, tí onígun mẹ́ta náà sì tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, yàrá náà ti wọ́.

Ìbú mẹ́rin ló wà nínú onígun mẹ́jọ, ẹ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú yàrá wa, wọ́n jẹ́ mítà 6.03, 6.04, 6.03 àti 6.04. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 6.035. Ìdajì rẹ̀, 3.0175, ni apótẹ̀mù wa.

Ọ̀rọ̀ kan lórí táìlì ẹsẹ̀ ògiri. Bí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, tó sì nípọn ní sẹ̀ntímítà kan àbọ̀, ilẹ̀ tí ojú ń rí á fi nǹkan bíi 0.30 sukuwéà mítà kéré sí èyí tó wà láàárín ògiri. Kò sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe nínú méjèèjì. Kí ẹ kàn yan ọ̀kan ṣáájú, kí àyíká àti apótẹ̀mù sì jẹ́ ti ojú kan náà. Ẹni tó bá wọn àyíká lára ògiri, tó wá wọn apótẹ̀mù lára táìlì, ti da yàrá méjì pọ̀.

Ìdánwò kí a tó ṣírò

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn kí a wọn méjèèjì ni pé wọ́n máa ń jẹ́rìí síra wọn. Nínú onígun mẹ́jọ tó dọ́gba, ìbáà kéré ìbáà tóbi, bí a bá fi apótẹ̀mù pín àyíká, 6.627 ni a máa rí. Yàrá kékeré ni o, gbọ̀ngàn ńlá ni o, nọ́ńbà yìí kì í yí padà. Tiwa nìyí:

```
20.00 ÷ 3.0175 = 6.628
```

Ó bára mu. Bí tiyín bá bọ́ sáàárín 6.60 àti 6.65, ẹ máa lọ. Ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kò ju ọwọ́ téépù lọ.

Bí ó bá jìnnà sí i, nọ́ńbà tí ẹ rí fúnra rẹ̀ á máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nǹkan bíi 6.12 fi hàn pé igun ni ẹ wọn dé, kì í ṣe ògiri. Ẹ̀rí tó dájú ni, torí pé òbìrí pàápàá, tó jẹ́ ìrísí tí àyíká rẹ̀ kéré jù lọ fún ilẹ̀ tó gbà, 6.28 ni tirẹ̀. Kò sí ilẹ̀ kankan tí gbogbo ògiri rẹ̀ jìnnà bákan náà sí àárín tó lè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ 3.31, ẹ gbàgbé láti mú ìdajì ìbú. Bí ó bá jẹ́ 0.066, mítà ni ẹ fi kọ àyíká, sẹ̀ntímítà ni ẹ fi kọ apótẹ̀mù. Tí ó bá jẹ́ bíi 6.4 tàbí 6.8, ẹ má tíì dá téépù lẹ́bi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilẹ̀ ni kò dọ́gba, a ó sì dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Àwọn kan máa ń wọn ògiri nìkan, wọ́n á sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.207 láti rí apótẹ̀mù. Ìṣirò náà tọ̀nà: 2.50 lọ́nà 1.207 jẹ́ 3.0175. Ṣùgbọ́n ìdánwò yìí ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé apótẹ̀mù tí a fa jáde láti inú ògiri á máa bá ògiri mu nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ pé yàrá náà wọ́. Ibi tí kò bá sí àyè láti na téépù kọjá, bóyá torí ẹrù, nìkan ni mo lè gbà kí a ṣe é.

Ìṣirò náà

```
A = 20.00 × 3.0175 ÷ 2
A = 60.35 ÷ 2
A = 30.175
```

Ilẹ̀ náà jẹ́ 30.175 sukuwéà mítà, tí a lè pè ní 30.18. Tó bá jẹ́ sẹ̀ntímítà ni ẹ fi wọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, 2000 lọ́nà 301.75, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 301,750. Ẹgbàárùn-ún, ìyẹn 10,000, ni ẹ máa fi pín in kó tó di sukuwéà mítà, kì í ṣe 100, torí pé mítà kan ní sẹ̀ntímítà 100 ní òòró àti 100 ní ìbú.

Ọ̀nà kan wà láti yẹ èsì yìí wò láìlo fọ́múlà náà rárá, ó sì dùn mọ́ mi. Ẹ rò ó pé a fa mẹ́rin nínú àwọn ògiri náà gùn títí wọ́n fi pàdé. Yàrá náà á di onígun mẹ́rin tó dọ́gba, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 6.035, tí wọ́n kàn gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ kúrò. Igun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gé jẹ́ onígun mẹ́ta kékeré tí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù nínú rẹ̀ jẹ́ ògiri kan. Bí ẹ bá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, kí ẹ to igun 90° wọn pọ̀ sójú kan, wọ́n á di onígun mẹ́rin kan tí ògiri yàrá wa jẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mítà 2.50 ní òòró àti ní ìbú. Nítorí náà:

```
6.035 × 6.035 = 36.42
2.50 × 2.50 = 6.25
36.42 − 6.25 = 30.17
```

Ọ̀nà méjì tí kò jọra, èsì wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan.

Nígbà tí ilẹ̀ kò bá dọ́gba

Ọ̀pọ̀ yàrá onígun mẹ́jọ ni kò ju onígun mẹ́rin tí wọ́n gé igun rẹ̀ lọ, ẹni tó gé e sì lè ti fi ojú gé e. Ẹ jẹ́ ká wo yàrá tó jẹ́ mítà 6 lọ́nà mítà 6, tí wọ́n pín ògiri kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n sì gé mítà méjì méjì kúrò ní igun. Ó dà bí ohun tó bọ́gbọ́n mu, ẹni tó bá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà á rò pé ó dọ́gba. Ṣùgbọ́n ògiri mẹ́rin jẹ́ mítà 2.00, mẹ́rin yòókù, àwọn tó dagun, sì jẹ́ 2.83. Àyíká jẹ́ 19.32. Láti àárín dé àwọn ògiri kúkúrú jẹ́ 3.00, láti àárín dé àwọn tó dagun jẹ́ 2.83.

Ẹni tó bá wọn ìbú kan péré, tó sì bọ́ sórí ògiri kúkúrú, á rí 28.98 sukuwéà mítà. Ẹni tó bá bọ́ sórí èyí tó dagun á rí 27.34. Òótọ́ ibẹ̀ sì jẹ́ 28: ọgbọ̀n lé mẹ́fà, kí a yọ mẹ́jọ tó wà nínú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdánwò wa ì bá ti gbá wọn mú, torí pé ti àkọ́kọ́ á fún un ní 6.44, ti èkejì 6.83.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ padà sí àwọn onígun mẹ́ta tí a fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kó àwọn tí gíga wọn jọra sójú kan:

```
4 × 2.00 × 3.00 ÷ 2 = 12.00
4 × 2.83 × 2.83 ÷ 2 = 16.02
12.00 + 16.02 = 28.02
```

0.02 tó lé yẹn wá láti inú 2.83 tí a gé kúrú, kò ṣe nǹkan kan. (Ẹni tó bá fẹ́ kí yàrá mítà 6 dọ́gba gan-an, mítà 1.757 ni kó gé ní igun kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 0.293 ìbú yàrá. Ògiri mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á wá jẹ́ 2.485.)

Irú kejì ni yàrá tí ògiri rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dọ́gba, àmọ́ tó wọ́: ìbú kan jẹ́ 6.20, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 5.86. Igun ni kò dọ́gba níbẹ̀, kì í ṣe ògiri. Irú èyí kì í dẹ́rù bà mí. Nígbà tí ògiri bá dọ́gba, ìpíndọ́gba ìbú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí a pín sí méjì, á fún wa ní èsì tó péye, torí pé ìdí kan náà ni gbogbo onígun mẹ́ta ní, gíga wọn nìkan ló yàtọ̀, a sì lè ro àwọn gíga pọ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ro àwọn ìdí pọ̀ níṣàájú. Bákan náà, bí gbogbo ògiri bá jìnnà bákan náà sí àárín, wọn ì báà má gùn bákan náà, fọ́múlà wa ṣì dúró láìyí padà. Ìgbà tí ògiri kò bá dọ́gba, tí apótẹ̀mù kò sì dọ́gba, nìkan ni a ní láti ṣírò onígun mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ṣe lókè yìí.

Láti ìwọ̀n dé táìlì

Táìlì tó jẹ́ sẹ̀ntímítà 60 lọ́nà 60 gba 0.36 sukuwéà mítà. Ẹ fi pín 30.175, ẹ ó rí 83.8, ìyẹn táìlì 84. Kò sí ẹni tó lè fi 84 parí iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá to táìlì lọ́gbọọgba pẹ̀lú ògiri mẹ́rin, àwọn ògiri mẹ́rin yòókù á gé wọn ní 45°, ègé onígun mẹ́ta á sì pọ̀ nílẹ̀. Àwọn ègé kan á wúlò lára ògiri tó kọjú síbẹ̀, bí táìlì náà kò bá ní àwòrán tó ní orí àti ìdí. Èmi máa ń fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún irú ilẹ̀ yìí:

```
30.175 × 1.15 = 34.70
34.70 ÷ 0.36 = 96.4
```

Táìlì 97 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń dì í sínú páálí, 25 páálí ni ẹ máa béèrè.

Ti òpó tó wà láàárín, bí ó bá fẹ̀ ju táìlì kan lọ, ẹ yọ ìwọ̀n rẹ̀ kúrò nínú 30.175 kí ẹ tó fi 15 kún un. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, bíi òpó sẹ̀ntímítà 40 lọ́nà 40 tó jẹ́ 0.16 sukuwéà mítà, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, torí pé odindi táìlì ni wọ́n ṣì máa gé láti yí i ká.